Ìnáwó Tó Kéré sí Ètò Kì í Ṣe Ẹ̀rí Ìṣọ́wóná

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló gbà pé tí òṣìṣẹ́ bá náwó kéré sí iye tí wọ́n kọ sínú ètò ìṣúná, ó mọ owó ṣọ́. Tó bá sì ná ju bẹ́ẹ̀ lọ, àpà ni. Irọ́ gbuu ni. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń mú kí wọ́n máa yin ẹni tó ń fowó wọn ṣòfò, kí wọ́n sì máa bá ẹni tó ṣe dáadáa wí.

Ẹ wo ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn. Ká ní ọ̀gá ibẹ̀ pète láti ta búrẹ́dì 10,000 lóṣù, ₦1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì àti náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń dì í máa ń gba ₦650 lórí búrẹ́dì kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦6,500,000. Owó ilé àti owó oṣù òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦2,000,000. Èrè tó ń retí jẹ́ ₦1,500,000.

Nígbà tí oṣù parí, búrẹ́dì 8,000 péré ni wọ́n ṣe tí wọ́n sì tà. ₦8,000,000 ló wọlé, wọ́n ná ₦5,700,000 lórí èlò, owó ilé àti owó oṣù ò yí padà. Èrè wá ku ₦300,000. Ọ̀gá ṣí ìwé rẹ̀, ó rí ₦6,500,000 tó kọ fún èlò, ó ní máníjà ti bá òun ṣọ́ ₦800,000. Ó gbóríyìn fún un, ó sì gbaná jẹ mọ́ àwọn tó ń gbé búrẹ́dì kiri.

Níbo ni ₦800,000 náà wà? Kò sí níbì kankan. Owó búrẹ́dì 10,000 ni ọ̀gá fi ń wọn ìnáwó búrẹ́dì 8,000. Búrẹ́dì 2,000 tí wọn ò ṣe, ta ló yẹ ká yìn pé kò ra fúláwà rẹ̀? Iye tí wọ́n tà gan-an ló yẹ kó fi tún ètò náà ṣírò: 8,000 lọ́nà ₦650, ₦5,200,000 nìyẹn. Máníjà tí wọ́n ń yìn ti ná ₦500,000 kọjá ohun tó yẹ.

Ètò ìṣúná tó ń bá ọjà rìn nìyí. Kò pa ètò àkọ́kọ́ rẹ́, ó kàn jókòó sáàárín ètò yẹn àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Èrè fi ₦1,200,000 dín sí ohun tí wọ́n pète. ₦700,000 nínú rẹ̀ wá láti inú búrẹ́dì 2,000 tí wọn ò tà, torí ₦350 ló yẹ kó kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn owó èlò. Kí àwọn tó ń tajà wá ṣàlàyé ìyẹn. ₦500,000 tó kù, ọwọ́ àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ló wà. Àwọn kan ń sọ pé irú ìṣirò yìí ń fún ọ̀lẹ ní àwáwí. Rárá o, ó ń sọ ẹni tó yẹ kó dáhùn ni.

Ẹ jẹ́ ká tú ₦500,000 náà wò. Àpò fúláwà kan, ₦40,000, ló yẹ kó mú búrẹ́dì 100 jáde. Àpò 80 ló yẹ kí wọ́n lò. Ìwé ilé ìkẹ́rù sọ pé 90 ló jáde. ₦400,000 ti lọ síbẹ̀. Ṣúgà àti bọ́tà tó gbówó lórí lọ́jà ló kó ₦100,000 tó kù. Máníjà ò lè dá owó ọjà dúró, àmọ́ ó yẹ kó mọ ibi tí àpò mẹ́wàá gbà. Kí wọ́n wọn fúláwà tí wọ́n ti pò, bóyá ńṣe ni wọ́n ń gé e tóbi jù. Kí wọ́n ka búrẹ́dì tó jóná nínú ààrò. Kí wọ́n ka òfìfo àpò pẹ̀lú. Bí òfìfo ò bá pé 90, fúláwà ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ìwà ìkà tó wà nínú ìṣirò ọ̀gá yìí tún wá burú jù lóṣù tí ọjà bá tà. Ká ní wọ́n ta 12,000, tí èlò sì gba ₦7,600,000. Ọ̀gá á pariwo pé máníjà ti ná ₦1,100,000 ju ètò lọ. Bẹ́ẹ̀, ₦7,800,000 ló yẹ kí búrẹ́dì 12,000 gbà. Ẹni tó bá a ṣọ́ ₦200,000 ló ń bú.

Àṣìṣe kan wà tí àwọn tó tẹ́wọ́ gba ètò tó ń bá ọjà rìn yìí náà máa ń ṣe. Wọ́n á pín owó ilé àti owó oṣù sórí búrẹ́dì 10,000, wọ́n á rí ₦200, wọ́n á fi kún ₦650, wọ́n á wá máa ṣírò 8,000 lọ́nà ₦850. Onílé ò ní gba ₦1 dín nítorí pé búrẹ́dì ò tà. ₦2,000,000 náà gbọ́dọ̀ dúró bó ṣe wà, àyàfi tí ọjà bá pọ̀ débi pé wọ́n ní láti mọ ààrò kejì. Dísù, tí a ò kà mọ́ ìṣirò òkè yìí, ló nílò ọgbọ́n díẹ̀: apá kan rẹ̀ ni wọ́n máa ń jó láti mú ààrò gbóná, ìbáà jẹ́ búrẹ́dì 50 ni wọ́n fẹ́ yan; apá kejì ló ń tẹ̀ lé iye tí wọ́n yan. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó ṣírò.

Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó yin ẹnikẹ́ni tàbí kí ẹ tó bá a wí níparí oṣù yìí, ẹ kọ́kọ́ kọ iye tí ẹ tà gan-an sílẹ̀, kí ẹ sì ṣírò ohun tó yẹ kí iye yẹn ná yín.