Ìràwọ̀ Nàìjíríà Gba 9, Ẹ Má Pàtẹ́wọ́ Síbẹ̀

Ní táàmù tó kọjá, èmi ni mo kọ ọ́ sára ògiri yìí pé ìràwọ̀ Nàìjíríà mọ́lẹ̀ ju Síríọ́ọ̀sì lọ. Mo rí i pé nọ́ńbà tiwa jẹ́ 9, ti Síríọ́ọ̀sì sì jẹ́ −1.5. Ṣé 9 kò ju −1.5 lọ ni? Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan ní kíláàsì àṣejáde gbà mí gbọ́, wọ́n gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro wọ́n, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ṣì í kọ ni.

Ìràwọ̀ náà wà lóòótọ́. Ní 2019, nígbà tí Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìràwọ̀ Àgbáyé pé 100 ọdún, wọ́n fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀ kan láti sọ lórúkọ. HD 43197 ni wọ́n fún Nàìjíríà. A sọ ọ́ ní Amadioha, a sì sọ ayé tó ń yí i ká ní Ekuianó. Agbo ìràwọ̀ kan náà, Ajá Ńlá, ni òun àti Síríọ́ọ̀sì jọ wà. Ibi tí mo ti ṣìnà ni nọ́ńbà.

Òṣùwọ̀n ìràwọ̀ dà bí ipò nínú kíláàsì. Ẹni tó gba ipò kìíní ló ṣe dáadáa jù, kì í ṣe ẹni tó gba ipò 40, àbí? Ó ti lé ní 1,800 ọdún tí Tólẹ́mì ará Alẹkisáńdíríà ti pín àwọn ìràwọ̀ tí ojú lè rí sí ipò mẹ́fà. Àwọn tó tàn jù wà ní 1, àwọn tí ojú ń tiraka kó tó rí wà ní 6. Nígbà tí àwọn èèyàn wá wọ̀n wọ́n dáadáa, àwọn kan tàn kọjá 1, wọ́n bọ́ sí òdo, wọ́n sì kọjá òdo sẹ́yìn. Àgùàlà pàápàá, tí àwọn àgbà wa ń pè ní ajá òṣùpá, máa ń dé −4.

Ṣùgbọ́n ipò nìkan kò tó o. Nínú kíláàsì, máàkì kan ṣoṣo lè wà láàárín ẹni kìíní àti ẹni kejì, kí ogún máàkì sì wà láàárín ẹni kejì àti ẹni kẹta. Ti ìràwọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1856, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Nọ́máànì Pógísìn, dábàá pé kí ìgbésẹ̀ márùn-ún jẹ́ ìlọ́po 100 gẹ́lẹ́. Nítorí náà ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po 2.5 àti díẹ̀. A kì í fi ìròpọ̀ ṣe é, ìsọdipúpọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Láti −1.5 dé 9 jẹ́ ìgbésẹ̀ 10.5. Márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ 100, márùn-ún kejì jẹ́ 100 mìíràn, 100 lọ́nà 100 jẹ́ 10,000. Ààbọ̀ ìgbésẹ̀ tó kù jẹ́ nǹkan bí 1.6. Ìyẹn ni pé Síríọ́ọ̀sì tàn ju Amadioha lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 16,000! Láti 6, níbi tí agbára ojú wa parí sí, dé 9, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni: 2.5 lọ́nà 2.5 lọ́nà 2.5, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ìdí nìyẹn tí ọrùn fi ro àwọn ẹ̀gbọ́n wa lásán.

Àmọ́ 16 kò le púpọ̀. Lókùnkùn, ihò ojú ọ̀dọ́ máa ń ṣí tó mìlímítà 7. Awò tó fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po 4, ìyẹn mìlímítà 28, á kó ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 16. Awò-awọ̀nàjíjìn olójú méjì tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 50 ti tó, tí kò bá sí iná nítòsí, tí eruku ọyẹ́ kò sì bo ojú ọ̀run. Ní oṣù Kejì, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá alẹ́, Síríọ́ọ̀sì á ti wà lókè dáadáa níhà gúúsù lójú ọ̀run Òkè-Oyì níbí.

Àwọn kan ní kíláàsì wa ní kí wọ́n kúkú yí òṣùwọ̀n náà padà, kí ńlá jẹ́ ńlá. Èmi ò gbà. Tí a bá yí i, ẹni tó ń rò pé 9 fi máàkì mẹ́ta péré ju 6 lọ á ṣì máa rò bẹ́ẹ̀, nítorí ìlọ́po ni kò mọ̀. Ohun tí mo ń bẹ àwọn olùkọ́ wa fún ni pé kí wọ́n fi ipò kíláàsì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ṣí wa létí lọ́jọ́ náà gan-an pé ìlọ́po ló wà láàárín ipò kan sí èkejì.

Kí wọ́n sì fi èyí kún un: bó ṣe hàn sí wa ni nọ́ńbà yìí ń sọ. Ìmọ́lẹ̀ Síríọ́ọ̀sì ń rìn fún ọdún 8 àti díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ti Amadioha ń rìn fún nǹkan bí 200. Tí a bá lè fà á wá síbi tí Síríọ́ọ̀sì wà, á bọ́ sí nǹkan bí 2, a ó sì fi ojú lásán rí i. Síríọ́ọ̀sì á ṣì tàn jù ú lọ o. Èyí ni mo fi pa ohun tí mo kọ ní táàmù tó kọjá rẹ́.