Táróò: ṣé ohun tó dájú ló ń sọ, àbí ohun tó ṣeé ṣe?

Ẹ gbọ́ o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ kọ iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fún un. Kí ló dé? Ó tẹ́ káàdì mẹ́wàá, Ilé Gogoro ló sì já sí ipò kẹwàá. Ẹ mọ̀ ọ́n: ilé tí àrá sán lù, tí èèyàn méjì ń já bọ́ látòkè. Ó ní, "Ó parí nìyẹn." Mo ní kò tíì parí.

"Ṣebí ipò kẹwàá ni àbájáde?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àtẹ tí A. E. Waite kọ sínú ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí 1910, kẹwàá ni ohun tó ń bọ̀. Àmọ́ mẹ́sàn-án tó ṣáájú ló gbé e ró. Ìkẹsàn-án ni ìrètí àti ìbẹ̀rù ẹni tó béèrè, Idà Mẹ́sàn-án ló sì wà níbẹ̀ fún un: ẹni tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lóru, tó fọwọ́ bojú. Ẹ̀rù ló ń bà á, òun wá ń ka ẹ̀rù náà sí àbájáde.

"Ṣé kì í ṣe pé ó ti wà lákọsílẹ̀ ni?"

Káàdì 78 ló wà nínú páálí. Tún un pò, kó o béèrè ohun kan náà: ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 78 ni Ilé Gogoro lè tún bọ́ sí ipò kẹwàá. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ọ̀la kan péré ló ń fi hàn, ṣé kò yẹ kó máa padà wá ni? Nílé wa náà, bí Ifá bá sọ pé ibi ń bọ̀, ẹbọ ló máa ń tẹ̀ lé e. Bí kò bá sí ohun tó ṣeé yí, kí la ń rúbọ fún?

"Ó dáa, ó ń sọ èyí tó ṣeé ṣe jù nìyẹn?"

Níbí ni èmi àti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka káàdì ti ń jà. Káàdì ò mọ iye èèyàn tí ilé iṣẹ́ yẹn ti lé. Ọ̀nà ló lè fi hàn, kò lè wọn èwo ló sún mọ́ jù. Ẹni tó bá ní ó dájú, tó tún ní kó o sanwó kí òun yí i padà, ẹ sá o. Ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ló ń tako ara ẹ̀.

Mo ní kó yí ìbéèrè padà: "Bí mo bá gbà á ńkọ́? Bí mi ò bá gbà á ńkọ́?" Ní ẹ̀gbẹ́ "mi ò gbà," Ife Mẹ́rin jáde: ọ̀dọ́mọkùnrin tó ká ọwọ́ mọ́yà lábẹ́ igi, tí ò wo ife tí wọ́n nà sí i. Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í pé kí ni Ilé Gogoro rán an létí. Ó ní wọ́n lé òun lójijì níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló kọ̀wé sí wọn, ó béèrè oṣù mélòó ni wọ́n máa fi dán òun wò, àti ìkìlọ̀ ọjọ́ mélòó kí wọ́n tó lè dá òun dúró. Wọ́n dáhùn. Ọjọ́ Ajé ló ń bẹ̀rẹ̀.