Ọ̀gá Tí A Kí Tí Kò Dáhùn

Àròyé kan ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀gá, ìbáà ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní iléeṣẹ́ aládàáni: wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ ìsinsìnyí kò mọ ìkíni mọ́. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọkùnrin yóò ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, yóò sì máa kí ọ̀gá bí ẹni ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ. Ìdajì kejì wà lẹ́nu àwọn ọ̀gá fúnra wọn, ibẹ̀ gan-an ni ìkíni sì ti ń bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìkíni àwa Yorùbá ti rí. Ẹni tó kéré ló ń kọ́kọ́ kí ni. Ní ọ́fíìsì, ọkùnrin á tẹrí ba, obìnrin á tẹ orúnkún díẹ̀, wọn á ní, ‘Ẹ káàárọ̀, sà,’ tàbí, ‘Ẹ káàárọ̀, mà.’ Ibẹ̀ ni agbára ọmọdé mọ. Ọmọdé kì í bi àgbà pé, ‘Báwo ni?’ Kì í sì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà pé kí àwọn bọ ara wọn lọ́wọ́. Àgbà ló ni ìbéèrè: ‘Ṣé dáadáa lo jí? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?’ Ìgbà tí àgbà bá béèrè ni ọmọdé tó lè ní, ‘A dúpẹ́, sà,’ ìgbà náà ni ọ̀nà sì tó là fún un láti gbé ọ̀rọ̀ tó bá wá kalẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀gá bá fi imú dáhùn pé ‘Hùn-ún,’ tí kò gbé ojú kúrò lára ìwé tó ń kà, ìkíni ti há sí agbede méjì nìyẹn. Ká ní ọmọ òṣìṣẹ́ náà kò sùn mọ́jú nítorí ibà, tó sì fẹ́ tọrọ àyè láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ọ̀gá bá ti béèrè pé, ‘Ọmọ ńkọ́?’ ọ̀rọ̀ ti bọ́ sójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ‘Hùn-ún’ kò ní ilẹ̀kùn tí èèyàn lè gbà wọlé. Òṣìṣẹ́ á padà sídìí tábìlì rẹ̀, ara rẹ̀ á wà níbi iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ á wà nílé. Lọ́jọ́ kejì, tí kò bá wá, ọ̀gá á ní kò sọ fún òun.

Àwọn kan yóò wí pé ipò ọ̀gá ga ju kí ó máa ka ìdáhùn sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá kí i. Ipò wo ló ga ju ti ọba lọ? Láàfin, tí ọba kì í bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ ní tààrà, bí àlejò bá dọ̀bálẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ á dáhùn pé, ‘Kábíyèsí ń kí yín o.’ Ọba tó lè fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ kò jẹ́ kí ìkíni bọ́ sílẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ti ọ̀gá tó kéré lọ́jọ́ orí. Ẹ wo ọ̀gá ẹni ọdún 32 àti mẹ́séńjà ẹni ọdún 57. Nítorí ipò, bàbá náà á ní, ‘Ẹ káàárọ̀, sà.’ Ọ̀pọ̀ ọ̀gá bẹ́ẹ̀ á sì dáhùn pé, ‘Káàárọ̀, báwo ni?’ Ipò fún un ní àga, kò fún un ní ọjọ́ orí. Ìdáhùn tó tọ́ ni, ‘Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé dáadáa lẹ jí?’ ‘Ẹ’ pàdé ‘ẹ’: ọ̀kan bọ̀wọ̀ fún ipò, èkejì bọ̀wọ̀ fún orí ewú. Bí ẹ bá rí i pé irú bàbá bẹ́ẹ̀ ti pa Yorùbá tì, tó wá ń sọ ‘Gúdù mọ́níìn, sà’ láràárọ̀, ẹ má ṣe rò pé ọ̀làjú ni. Kò sí ‘o’, kò sí ‘ẹ’ nínú gúdù mọ́níìn. Ó ti sá sábẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà tún rí i fín.

N kò ní kí ọ̀gá sọ ẹnu ọ̀nà di agbo ile. Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè: kí ó gbé ojú sókè, kí ó dá ìkíni padà pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kí i, kí ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá tún pàdé lọ́sàn-án, tí òṣìṣẹ́ ní, ‘Ẹ kú iṣẹ́, sà,’ ‘Òo, ìwọ náà kú iṣẹ́’ ti tó. Ọ̀gá tí kò lè ṣe èyí kò gbọdọ̀ bínú sí ọmọ tó kọjá lára rẹ̀ láìkí i. Òun ló kọ́ ọ.