Ìlera Ilé Wa: Àtàǹpàkò tó wú lóru, ìkọsẹ̀ ni àbí gáòtù?

 

Ọdún Ògún la ṣe tán, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa, tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ fi wá kanlẹ̀kùn mi. Ó ní ọkọ òun kò lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ilẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ náà ti wú, awọ rẹ̀ ń dán bí ẹni fi epo pa á, ó sì gbóná lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ti ju aṣọ ìbora kúrò lẹ́sẹ̀. Ó ní bí aṣọ bá kàn án lásán, bí iná ló ń rí lára òun. Ẹni ọdún 52 ni, kò sì ní àìsàn mìíràn ju ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lo oògùn sí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo bá nínú yàrá. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ní ìkọsẹ̀ ni, torí ó fẹsẹ̀ kọ òkúta níbi ijó. Ìyá wọn ní ó ti tẹ nǹkan tí wọ́n gbé sójú ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ ti mú abẹ dání, ó fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ sí i kí ẹ̀jẹ̀ dúdú lè jáde. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi abẹ yẹn sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká bi í léèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Èkíní: ìgbà wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún? Ó ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lòun kọsẹ̀, ó ta òun díẹ̀, òun gbọn ẹsẹ̀, òun sì ń jó lọ títí di aago mẹ́sàn-án. Ó sùn láìsí wàhálà. Aago méjì òru ni ìrora jí i. Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ yà. Ìkọsẹ̀ tó bá pani lára gan-an, lójú ẹsẹ̀ ló ń dunni. Ẹni tó ní in kò ní lè jó fún wákàtí mẹ́rin. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì ló sì máa ń le jù, lẹ́yìn náà ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gáòtù ní tirẹ̀, ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ń sinmi ló sábà máa ń dé, lóru tàbí ní ìdájí, kì í sì ju wákàtí 24 lọ tí yóò fi le dé òpin.

Èkejì: ibo gan-an ló ń dùn ún? Mo ní kó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí i. Kò tọ́ka sí èékánná tàbí orí ìka tó kọ òkúta. Ìdí àtàǹpàkò ló nà sí, ní oríkèé tí ìka ti pàdé àtẹ́lẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni gáòtù fẹ́ràn jù. Ìkọsẹ̀ ń dunni níbi tí nǹkan ti gbá a, ẹ̀jẹ̀ lè dì sábẹ́ èékánná, ojú ibẹ̀ á sì dúdú. Bí ìka bá wọ́, tàbí tí egungun kan bá ń dunni gan-an bí a bá fọwọ́ kàn án, ó lè ti dá, kí wọ́n ya fọ́tò egungun.

Ẹ̀kẹta: kí ló ti ń jẹ, kí ló sì ń mu? Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ìfun, pẹ̀lú ẹmu àti bíà. Omi kò fi bẹ́ẹ̀ kan ẹnu rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò sì jẹ́ irú èyí tó ń mú ni tọ̀ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe so pọ̀. Ìdọ̀tí kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní yúríìkì ásíìdì. Ara ló ń ṣe é, ẹran, inú ẹran àti ọtí sì ń bù kún un. Kíndìnrín ló ń fi ìtọ̀ gbé e jáde. Bí ó bá pọ̀ jù, tàbí tí kíndìnrín kò lè gbé e jáde tó, á dì sí oríkèé bí ẹ̀rún wẹ́wẹ́ tó ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Nígbà tí ara bá gbéjà kò ó ni oríkèé náà ń wú, tó sì ń gbóná. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ yẹn lè jẹ́ kí ó pọ̀ sí i. Síbẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà.

Ẹ wá gbọ́ èyí o: ìkọsẹ̀ kékeré lè jí gáòtù tó ti ń sùn nínú oríkèé. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n kò parọ́, ó kọsẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkọsẹ̀ nìkan kọ́ ló ń dà á láàmú.

Ìyá béèrè pé ṣé kí a dá Ifá ni. Babaláwo ilé wa ní òun yóò dá a, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ yẹn kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ó ṣeun. Ohun kan wà tó jọ gáòtù tó sì burú jù ú lọ, ìyẹn ni kí kòkòrò àrùn wọ inú oríkèé. Ó lè ba oríkèé jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ibà tàbí òtútù bá dàpọ̀ mọ́ ọn, bí egbò bá wà níbẹ̀, bí aláìsàn bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí tó bá jẹ́ ọmọdé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ. Gáòtù kì í sábà mú ọmọdé, kì í sì í sábà mú obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù. Gbẹ́rẹ́ tí àbúrò fẹ́ sín ìbá ti ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò yẹn.

Ní ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, yúríìkì ásíìdì rẹ̀ jẹ́ 6.4, èyí tí kò ga. Àbúrò ní, “Ẹ ò rí i, kì í ṣe gáòtù!” Dókítà ní nígbà tí ìrora bá ń lọ lọ́wọ́, iye yẹn lè wálẹ̀, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà, 8.9 ni. Bí dókítà bá ń ṣiyèméjì, omi oríkèé ni wọ́n ń fà wò lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkantóbi, ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí ẹ̀rún wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn.

Kọ́líṣísìnì ni wọ́n fún un, oògùn tí kì í ṣe kí a kàn dá rà mu, torí bí ó bá pọ̀ jù, májèlé ni. Wọ́n tún pààrọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Àìbùpúrófẹ́nì àti dáíkílófínákì náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò yẹ ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí àìsàn ọkàn. Ní ilé, ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ẹ fi aṣọ wé yìnyín, kí ẹ gbé e lé e fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má fi omi gbóná wọ́ ọ, ẹ má sì fi òrí fún un mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n padà sídìí ọwọ́ ẹwìrì. Ara ti yá, ṣùgbọ́n ẹ̀rún ṣì wà níbẹ̀. Gáòtù máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ó sì lè padà wá. Bí ó bá ń wá léraléra, oògùn ojoojúmọ́ wà tó ń mú yúríìkì ásíìdì wálẹ̀.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n yóò jẹ nínú ẹran Ògún, Ògún kò ní bínú. Ègé díẹ̀ ni yóò mú, yóò fi ẹ̀dọ̀ àti ìfun sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, kò ní fọwọ́ kan bíà, omi ni yóò sì máa mu. Ìyàwó rẹ̀ ti ní òun ni yóò máa bu omi náà.

Kí Ògún má jẹ̀ẹ́ ká kọsẹ̀. Àṣẹ.