Ẹ Má Pe Gbogbo Káàdì Ní Tẹ́tẹ́



Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín wa tí a ò ní dákẹ́ sí. Àwọn àgbà kan ní kí ẹnikẹ́ni má mú káàdì wá síbi ìpàdé mọ́, pé tẹ́tẹ́ ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì náà ń gbè wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ní ayò tí oríire bá ti wọ̀ kì í ṣe ayò ọlọ́gbọ́n. Àwa tá a máa ń ta ayò lẹ́yìn tá a bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, a ní apá méjèèjì ló ṣì í.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ bú ṣẹ́ẹ̀sì. Tunde Onakoya ta á fún wákàtí 60 ní Niú Yọ́ọ̀kì ní oṣù kẹrin ọdún 2024, inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣẹ́ẹ̀sì dà bí ayò ọlọ́pọ́n: gbogbo nǹkan ló wà lójú, kò sí ohun tó fara pamọ́. Ẹni tó bá ti lù ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, á tún lù ẹ́ lẹ́ẹ̀kọkànlá. Ìdí nìyẹn tí bàbá àti ọmọ fi ń ta á fún oṣù kan, tí ọ̀kan á sì pa á tì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì fẹ́ fi ọpọlọ rò, àmọ́ ó fẹ́ kí oríire dá sí i díẹ̀.

Ibo la máa ń darí ẹ̀ sí? Wọ́ọ̀tì. Wọ́ọ̀tì dára fún fàájì, àmọ́ káàdì tí wọ́n bá pín fún ẹ àti èyí tó o bá fà lo máa lò. Oríire ló ń ṣíwájú, ọgbọ́n ń tẹ̀ lé e. Ẹni tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì á sú.

Ayò tó yẹ ẹ́ ni èyí tí olúkúlùkù máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kó ìdì káàdì rẹ̀ jọ bí ìjà ṣe ń lọ. Dominion ló gbé irú ayò yìí jáde ní 2008. Èyí tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé ni Star Realms, tó jáde ní 2014, nítorí pé ènìyàn méjì ló ń ta á, wọ́n sì ń bára wọn jà tààrà bíi ti ṣẹ́ẹ̀sì.

Bó ṣe rí rèé. Ẹ̀yin méjèèjì ní ẹ̀mí 50. Ẹ̀yin méjèèjì ní káàdì 10 kan náà: 8 jẹ́ Scout, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú owó 1 wá, 2 jẹ́ Viper, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lu ọ̀tá ní ẹ̀mí 1. Káàdì 5 lò ń fà nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ á fa 3 péré nígbà àkọ́kọ́, kí ẹni tó kọ́kọ́ ta má baà jàǹfààní jù. Láàárín tábìlì, káàdì 5 wà lójú bí ọjà lórí àtẹ. O fi owó Scout rà á. Èyí tó o rà kì í wọ ọwọ́ ẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, inú èyí tó o ti lò tán ló ń lọ. Ìgbà tí káàdì tó ò ń fà bá tán, o máa pò wọ́n pọ̀, ìgbà yẹn ló máa tó dọ́wọ́ ẹ.

Níbo wá ni oríire wà? Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀. Ká ní ìwọ lo ta ṣìkejì. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, wàá fa gbogbo káàdì 10 yẹn tán, owó 8 ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀. Ìyẹn dájú. Ohun tí kò dájú ni bó ṣe máa pín. Tí Viper méjèèjì bá pín ara wọn, wàá ní owó 4 àti 4. Tí wọ́n bá jọ wá, wàá ní 5 àti 3. Nínú ìgbà 9, 4 àti 4 máa wá nígbà 5, 5 àti 3 máa wá nígbà 4. Nítorí náà, tí káàdì olówó 5 bá wà lórí àtẹ, o ti mọ̀ pé ó lè má bọ́ sí ẹ lọ́wọ́, wàá sì ti fojú sí òmíràn. Bí ọlọ́jà tó mọ iye àpò tó wà ní sítọ́ọ̀ ni, tí kò kàn mọ èyí tí ọmọ ìṣẹ́ máa kọ́kọ́ gbé jáde. Ṣé tẹ́tẹ́ nìyẹn?

Ohun tí ẹni tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì máa fẹ́ràn jù ni pé o lè fọwọ́ ara ẹ tún oríire ẹ ṣe. Ká ní o ti ra káàdì gidi 6 kún 10 àkọ́kọ́. Ó di 16. Tó o bá fa 5, káàdì gidi tó máa bọ́ sí i kò ní pé 2 tá a bá pín in dọ́gba. Àmọ́ tó o bá ti yọ Scout 4 kúrò pátápátá, ó ku 12, ìdajì ẹ̀ sì jẹ́ ojúlówó. Nínú 5 tó o bá fà, wàá máa rí 2 àti ààbọ̀. O ò ra nǹkan kan kún un o, ìdọ̀tí lo gbá dànù.

Káàdì pupa ló ń gbá a. Trade Bot jẹ́ owó 1 péré. Ó ń mú owó 1 wá, ó sì ń jẹ́ kó o yọ káàdì kan dànù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á fojú di í, á lọ ra èyí tó tóbi, tó sì dán. Tó bá wá pẹ́ tí ayò ti ń lọ, tí Scout 3 ṣì ń kún ọwọ́ ẹ̀, á ní orí òun kò gbé e. Irọ́ ni, òun ni kò gbá ilé ẹ̀. Àmọ́ kó má sá eré jù: Scout ló ń fi ra ọjà níbẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ yọ Viper, kó fi Scout sílẹ̀ dìgbà tí owó bá ti ń wọlé láti ibòmíì.

A ò ní purọ́ fún yín, oríire tí ọgbọ́n kò ká wà níbẹ̀. Tó o bá ra káàdì kan lórí àtẹ, òmíràn á rọ́pò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí èyí tó le jù bá ṣí lẹ́yìn tí owó ẹ tán, ọ̀tá ló máa rà á, kò sí ohun tó o lè ṣe. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ayò kan ṣoṣo dá ẹjọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ta. Ẹ ta á lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ló sábà máa ń borí lápapọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà á jẹ ọ̀kan, á sì padà wá lọ́la.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀sùn yín ní ibi tó tọ́ sí. Àwọn ayò káàdì kan wà, bíi Magic tó jáde ní 1993, tí ènìyàn máa ń fi owó ra páálí tí kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ kó tó di pé ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí àpò ẹ̀ bá wúwo ló ń ní káàdì tó le. Ìyẹn fara jọ lọ́tìrì lóòótọ́. Darwin Kastle àti Rob Dougherty tó ṣe Star Realms, ògbóǹtarìgì Magic ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nínú tiwọn, páálí kan tó ènìyàn méjì, káàdì kan náà ni ọmọ olówó àti ọmọ tálákà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó sì wà lórí fóònù, èèyàn lè kọ́ ọ níbẹ̀ láì san kọ́bọ̀.

Owó tó wà lórí tábìlì ló ń sọ ayò di tẹ́tẹ́, kì í ṣe káàdì. Tí wọ́n bá fi owó sí dráfù, tẹ́tẹ́ ni. Tí wọ́n bá fi sí ṣẹ́ẹ̀sì, tẹ́tẹ́ náà ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣòfin níbi ìpàdé, owó ni kẹ́ ẹ lé jáde. Ẹ fi káàdì sílẹ̀.