Ìsinmi Ìdánwò: Ẹ Dá Òṣìṣẹ́ Lóhùn Kí Ọjọ́ Tó Kọjá

Bí oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá bá ti ń sún mọ́, irú lẹ́tà kan a máa pọ̀ lórí tábìlì àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni ẹni tó kọ ọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ jókòó ṣe ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó àgbà, Áíkàn tí gbogbo èèyàn mọ̀, ó ń tọrọ ọjọ́ mẹ́ta, ó sì tọ́ka sí Òfin Iṣẹ́ Ìjọba láti fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Lẹ́tà náà á wọ fáìlì, fáìlì á máa ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, ẹnikẹ́ni kò ní í sọ pé òun gbà, ẹnikẹ́ni kò sì ní í sọ pé òun kọ̀, títí ọjọ́ ìdánwò á fi kọjá. Lójú tiwa, ìdákẹ́ yìí burú ju kíkọ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n kọ̀ fún lè kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ẹni tó ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ẹni tí wọn kò dá lóhùn kò ní ohunkóhun lọ́wọ́ tó lè mú dání lọ.

Ìwé òfin tí ìjọba àpapọ̀ ń lò báyìí ni èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2021, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2023. Ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún bàbá ìkókó ló gba ẹnu gbogbo èèyàn nígbà náà. Ìsinmi ìdánwò kò gba ariwo kankan, nítorí ó ti wà nínú òfin tipẹ́. Ohun tí òfin náà fàyè gbà kò ṣòro láti yé èèyàn: a lè yọ̀ǹda òṣìṣẹ́ kó lọ ṣe ìdánwò, bí ìdánwò náà bá sì jẹ́ dandan fún un, tàbí tó bá máa fi kún ìmọ̀ tó fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, a kò ní í ka ọjọ́ wọ̀nyẹn mọ́ ìsinmi ọdọọdún rẹ̀. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé òfin fi ìyọ̀ǹda náà sọ́wọ́ ọ̀gá. Ọ̀gá kan á kà á sí ẹ̀tọ́, òmíràn á kà á sí ojúrere tí òun ń ṣe fún ọmọ abẹ́ òun.

Ẹ jẹ́ ká fi òṣìṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sọ pé obìnrin kan ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní Ìkòlàbà, n'Ìbàdàn. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀ńdì gíga ti ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ló fi wọṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tò ó sí ẹgbẹ́ àwọn aláṣẹ ìṣirò owó, kò sí lára àwọn tí à ń pè ní akáǹtà gan-an. Ìpele 8 ló wà. Ní ẹgbẹ́ tó wà yìí, bó ti wù kó ṣiṣẹ́ tó, ìpele 14 ni àjà ilé. Bó bá gba ìwé ẹ̀rí Áíkàn, ó lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí òun sí ẹgbẹ́ akáǹtà, níbi tí ọ̀nà ti là dé ipò olùdarí ní ìpele 17. Ìpele tó kẹ́yìn nínú ìdánwò náà ló kù ú kù, èyí tí àyẹ̀wò ìwé owó, owó orí àti ìròyìn ìṣirò àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n sì fẹ́ dán an wò nípa rẹ̀ yìí náà ni iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa béèrè bóyá ìdánwò yìí bá iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Nísinsìnyí, ẹ wo ìṣirò ọjọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá wà ní ìpele 7 sókè ní ìsinmi ọgbọ̀n ọjọ́ lọ́dún. Obìnrin yìí ti lo 20, ó ku 10, àwọn 10 yìí ló sì pa mọ́ láti fi kàwé. Ká ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò. Ohun tó yẹ kó béèrè jẹ́ nǹkan méjì tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ọjọ́ 10 tó kù nínú ìsinmi ọdọọdún láti fi múra, àti ọjọ́ mẹ́ta ìsinmi ìdánwò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n kọ ọ́ pọ̀ sínú gbólóhùn kan pé “mo ń tọrọ ìsinmi láti lọ ṣe ìdánwò mi.” Ẹni tó ń tọ́jú ìwé ìsinmi ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ kò ní í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Á yọ gbogbo rẹ̀ nínú ìsinmi ọdọọdún, ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ á wá di méje. Àwọn míì á tún ní kó lọ fi ìsinmi pàjáwìrì dí i. Ọjọ́ méje péré nìyẹn láàárín ọdún, lẹ́yìn tí èèyàn bá sì ti lo ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ tán ni wọ́n máa ń fún un. Fún àìlera ọmọ àti ìsìnkú la ṣe fi í sílẹ̀. Ìdánwò tí gbogbo ènìyàn ti mọ ọjọ́ rẹ̀ látọdúnmọ́dún kì í ṣe pàjáwìrì.

Ìdádúró lẹ́tà náà ní ìdí tirẹ̀, ìdí náà sì máa ń ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ wá. Káàdì ìdánwò, èyí tí orúkọ, nọ́ńbà àti ibùdó ìdánwò wà lára rẹ̀, kì í tètè jáde. Òṣìṣẹ́ á máa dúró dè é kó tó kọ lẹ́tà, nígbà tó bá fi máa jáde, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù. Lẹ́tà tó yẹ kó gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ka, kó gba yàrá fáìlì, kó dé ọ̀dọ̀ olùdarí ẹ̀ka òṣìṣẹ́, nígbà míì kó tún dé ọ̀dọ̀ Akọ̀wé Àgbà, kò lè rin ìrìn náà tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Olùdarí á kọ “ẹ wò ó” sórí rẹ̀, ẹni tí wọ́n ní kó wò ó á kọ “ẹ sọ tiyín,” ẹni tí wọ́n bi á sì ti lọ síbi ìpàdé. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá ti forúkọ sílẹ̀ ló yẹ kó kọ̀wé, kó so rìsíìtì ìforúkọsílẹ̀ àti àtẹ ọjọ́ ìdánwò mọ́ ọn, kó sì ṣèlérí pé káàdì ń bọ̀. Kó sọ ìpele tó fẹ́ ṣe, ìlú tó ti fẹ́ ṣe é, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú fáọ́ṣà àti ìwé owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó sì rí i dájú pé ìwé òfin tó wà lóde báyìí ló ń tọ́ka sí. Nínú ti 2008, orí kẹwàá ni ọ̀rọ̀ ìsinmi wà, wọ́n ti tún àwọn orí náà tò láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló sì ṣì ń gbé nọ́ńbà àtijọ́ kiri. Ọ̀gá tó bá ń wá àwáwí kò ní í wá a jìnnà.

A gbọ́ tẹnu àwọn ọ̀gá náà. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ni ìwé owó ìjọba ń tì, oṣù kọkànlá sì ni fáọ́ṣà ń gun ara wọn lórí tábìlì. Bí mẹ́rin nínú òṣìṣẹ́ mẹ́fà bá fẹ́ lọ ṣe ìdánwò lọ́sẹ̀ kan náà, ta ni yóò san owó àwọn agbaṣẹ́ṣe? Ìbéèrè tó nítumọ̀ ni, a kò sì ní í fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó yẹ kí ọwọ́ ọ̀gá le sí. Ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ wà lábẹ́ ètò ìsinmi ọdọọdún, ọ̀gá lè ní kí òṣìṣẹ́ kan mú tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kí èkejì mú un ní oṣù kẹwàá. Ọjọ́ ìdánwò ni kò sẹ́ni tó lè sún un. Bí ọ̀gá bá béèrè ní oṣù kẹjọ pé àwọn wo ló forúkọ sílẹ̀, tó sì to ìsinmi ìmúrasílẹ̀ wọn lẹ́sẹẹsẹ, ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n máa pàdánù pọ̀ kò lè pa ọ́fíìsì run. Ọ́fíìsì tí kò lè dá dúró fún ọjọ́ mẹ́ta ní ìṣòro tó ju ìdánwò lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ láti gbọ́ lẹ́nu wa. Kíkọ lẹ́tà yàtọ̀ sí gbígba ìyọ̀ǹda. Ẹni tó bá gbéra lọ nítorí pé ó ti fi lẹ́tà sílẹ̀, òun ni wọ́n máa kọ kúẹ́rì fún. Àìwá síbi iṣẹ́ láìgbàyè wà lára ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nínú òfin, ìlékúrò lẹ́nu iṣẹ́ sì ni ìparí ìjìyà irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún burú jù ni ti àwọn tó ń lọ gba ìwé èké lọ́wọ́ dókítà pé ara àwọn kò yá, tí orúkọ wọn sì wà nínú ìwé ibùdó ìdánwò lọ́jọ́ kan náà. Ìyẹn ti di ìwé yíyí, kò sí olóòtú kankan tó máa gbèjà rẹ̀. Bákan náà, ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹgbẹ́ akáǹtà kejì, èyí tó wà ní Kwall lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, ìsinmi ìkẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kó béèrè. Ìlànà tirẹ̀ yàtọ̀, ó sì le ju èyí lọ. A tún gbà pé ó tọ́ kí ọ́fíìsì béèrè èsì lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti gba ìsinmi fún ìdánwò kan náà ní ìgbà mẹ́rin tí kò sì fi àmì ìlọsíwájú kankan hàn, kí ọ̀gá rẹ̀ bá a jókòó sọ̀rọ̀.

Nǹkan méjì là ń béèrè lọ́wọ́ Olórí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀. Kí ó kọ ìwé àṣẹ sí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba pé lẹ́tà ìsinmi ìdánwò kò gbọ́dọ̀ gbà ju ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá lọ kó tó rí èsì, àti pé ọ̀gá tó bá kọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Kí ó sì là á yé àwọn ẹ̀ka òṣìṣẹ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀ yọ ọjọ́ ìdánwò tó bá iṣẹ́ mu nínú ìsinmi ọdọọdún. Ìwé òfin ti àpapọ̀ kò de àwọn ìpínlẹ̀, kálukú wọn ló ní tirẹ̀. Nítorí náà, Olórí Òṣìṣẹ́ ní Èkó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì ní láti ṣe ìpinnu tiwọn, kí ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò oṣù kọkànlá tó kásẹ̀ ńlẹ̀.