Kí ẹ tó lẹ táìsì sí ṣọ́ọ̀bù onílé

Nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù l'Ágbowó, ₦400,000 ni lánlọ́ọ̀dù ní kí n san lọ́dún. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó yọ ₦30,000. Inú mi dùn gan-an. Mo lẹ táìsì, mo ṣe síílìn, mo fa wáyà tuntun. Ó tó ₦600,000 tí mo ná. Nígbà tí ọdún pé, bàbá wọlé, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo òkè: "Ọmọ mi, ṣọ́ọ̀bù yìí ti dáa o. ₦700,000 ni báyìí."

Mo san án. Àwọn oníbàárà ti mọ ibẹ̀, ibo ni mo fẹ́ kó lọ? Owó ara mi ni mo fi sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ọ̀wọ́n.

Èrò mi nìyí: tí ẹ bá fẹ́ pẹ́ níbì kan, ẹ má fi gbogbo agbára yín dúnàá-dúrà lórí owó ọdún àkọ́kọ́. Iye tí ẹ máa san lọ́dún kẹta àti ìkarùn-ún ni kí ẹ bá wọn sọ, kí ẹ tó na kọ́bọ̀ sí ilé onílé.

Nígbà tí mo dé Challenge, mo yí ọ̀rọ̀ padà. Mo ní, "Alhaji, mi ò ní kí ẹ yọ nǹkan kan nínú ₦500,000 yín. Máa san ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ pé mo lè fi ọdún méjì-méjì kún un lẹ́ẹ̀mejì, àti pé owó ò ní fi ju ìdá 20 nínú 100 lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan." Ìdá 40 ni wọ́n kọ́kọ́ ní. Owó ọdún méjì tó wà nílẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n gbà. Torí náà, mo mọ̀ pé ₦500,000 kò ní ju ₦600,000 lọ́dún lọ, lẹ́yìn náà ₦720,000.

Ẹ ka agíríméǹtì éjẹ́ǹtì dáadáa. Tó bá kọ pé owó tuntun yóò jẹ́ "iye tí ẹni méjèèjì bá fẹnu kò lé lórí," kò tíì fún yín ní nǹkan kan, torí tí ẹnu yín ò bá kò, kò sí iye tí ẹ lè dì mú. Ẹ tún wo ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà pé ẹ ṣì fẹ́ dúró. Tèmi, oṣù mẹ́ta kó tó parí ni. Ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá, ẹ̀tọ́ yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí ọdún tí ẹ ń gbà lẹ́ẹ̀kan bá ju mẹ́ta lọ, bébà éjẹ́ǹtì ò tó. Òfin dúkìá ti 1959, tí Ọ̀yọ́ jogún lọ́wọ́ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ní ìwé àdéhùn tí wọ́n fèdìdì dì ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn. Tó bá jẹ́ ilé ẹbí, kí olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí i, kí ẹnì kan má baà dìde lọ́la pé òun ò mọ̀.

Bí lánlọ́ọ̀dù bá ní òun ò ní kọ nǹkan kan ńkọ́? Ẹ lè gba ṣọ́ọ̀bù náà, àmọ́ ẹ fi táìsì sílẹ̀. Ohun tí ẹ lè tú kó lọ nìkan ni kí ẹ rà.